Oníbàárà ní kí n kọ ọ́ pé “ó ń wo àtọ̀gbẹ sàn”: kí ni mo lè kọ sábẹ́ àwòrán ọjà tí kò ní di irọ́?

Àṣàkẹ́ Alákọsílẹ̀ (Ìbàdàn)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Èmi ni mo ń bá àwọn oníṣòwò mẹ́ta kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ àwòrán ọjà wọn. Ohun tí wọ́n ní kí n gbé jáde lọ́sẹ̀ yìí nìyí.

Ọlọ́ṣẹ: “Ọṣẹ dúdú wa ń pa irorẹ́ run ní ọjọ́ 7. Kò ní kẹ́míkà kankan. NAFDAC fọwọ́ sí i.”

Onítíì: “Tíì ewúro wa ń wo àtọ̀gbẹ sàn, ó ń fọ ẹ̀jẹ̀ mọ́, kò sì léwu rárá.”

Ayánilówó: “Owó kíákíá, èlé 5% péré!”

Ọkàn mi kò balẹ̀. Kí ni kí n yọ, kí ni kí n fi sílẹ̀, báwo sì ni mo ṣe máa mọ ìyàtọ̀?

Ọmọ Ọjà Dùgbẹ̀

Àǹtí, ẹ má da ara yín láàmú. Mo ti ń ta ọjà lórí fóònù láti ọdún mẹ́jọ. Ẹ yọ “kò léwu rárá” kúrò, torí kò sí ohun tí èèyàn ń gbé mì tí a lè sọ bẹ́ẹ̀ nípa rẹ̀. Àmọ́ tí ọjà bá ti ní nọ́ńbà NAFDAC, ìjọba ti yẹ̀ ẹ́ wò nìyẹn, ẹ lè sọ ohun tó ń ṣe. Kí ẹ kàn fi “ó lè yàtọ̀ láti ara ẹnì kan sí ẹlòmíràn” sí ìsàlẹ̀, ó parí.

Bàbá Tọ́pẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, tíì ewúro yẹn, èló ni páálí kan? Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí ìyá mi ti ń lo oògùn àtọ̀gbẹ, ó sì ti sú wọn. Ṣé wọ́n lè dá oògùn òyìnbó dúró tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í mu ún?

Àṣàkẹ́ Alákọsílẹ̀ (Ìbàdàn)

Bàbá Tọ́pẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe dá oògùn ìyá dúró o! Mi ò tà á níbí, mo kàn ń béèrè bóyá ó yẹ kí n kọ gbólóhùn yẹn ni. Àyà mi já nígbà tí mo ka ohun tí ẹ kọ.

Ẹ̀gbọ́n Ìkẹjà

Àṣàkẹ́, ohun tí Bàbá Tọ́pẹ́ ṣe yẹn ni kí ẹ máa rántí. Ẹ fi gbólóhùn náà sínú àmì àyọlò, ẹ sọ pé ọkàn yín kò balẹ̀ sí i, síbẹ̀ ẹni tí ìyà ń jẹ ìyá rẹ̀ kà á, ohun tó sì gbọ́ ni pé “èèyàn lè pa oògùn tì”. Ohun tí òǹkàwé gbọ́ ni ẹ sọ, kì í ṣe ohun tí ẹ ní lọ́kàn nìkan.

Bàbá Tọ́pẹ́, ẹ jẹ́ kí ìyá máa lo oògùn wọn. Tó bá ti sú wọn, ẹ bá wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà tàbí apòògùn, kí ẹ sọ ohun tó sú wọn gan-an. Ó lè jẹ́ ohun tí wọ́n lè tún ṣe.

Ọdún 14 ni mo fi ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka ìforúkọsílẹ̀ ọjà ní ilé iṣẹ́ oògùn kan, èmi ni mo máa ń gbé fáìlì lọ sọ́dọ̀ NAFDAC. Ọmọ Ọjà, ẹ̀yin lẹ tọ̀nà lórí “kò léwu rárá”, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ nọ́ńbà kò rí bí ẹ ṣe rò. Ẹ gbé páálí oògùn ìbílẹ̀ èyíkéyìí sọ́wọ́, kí ẹ wo ìparí nọ́ńbà rẹ̀. Tí lẹ́tà L bá wà níbẹ̀, wọ́n kàn kọ ọ́ sínú ìwé àwọn ọjà ìbílẹ̀ ni. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò bóyá kò ní pa ẹni tó bá mu ún lára. Wọn kò yẹ̀ ẹ́ wò pé ó ń wo àrùn kankan sàn. Ìdí nìyẹn tí gbólóhùn kékeré kan fi máa ń wà lára páálí bẹ́ẹ̀, lédè Gẹ̀ẹ́sì, pé NAFDAC kò tíì yẹ ohun tí wọ́n sọ nípa ọjà náà wò. Gbólóhùn tó tako ọ̀rọ̀ tí oníbàárà yín fẹ́ kọ ti wà lára páálí òun fúnra rẹ̀, bó bá jẹ́ pé ó forúkọ sílẹ̀ lọ́nà yẹn. Bó bá sì jẹ́ pé oúnjẹ ló fi í forúkọ sílẹ̀, ọ̀rọ̀ àrùn kò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn rárá.

Ti àtọ̀gbẹ tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Òfin Oúnjẹ àti Oògùn ilẹ̀ wa ka àwọn àrùn kan sílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ polówó oúnjẹ, oògùn tàbí ohun ìṣaralóge fún aráàlú pé ó ń wò wọ́n sàn tàbí pé ó ń dènà wọn. Àtọ̀gbẹ wà níbẹ̀, jẹjẹrẹ náà wà níbẹ̀. Nítorí náà kò sí bí ẹ ṣe lè tún gbólóhùn yẹn tò kó tó tọ̀nà. “Ó lè yàtọ̀ láti ara ẹnì kan sí ẹlòmíràn” kò gbà á sílẹ̀, torí ẹni tó bá kà á ṣì máa gbà pé ó ń wo àwọn kan sàn.

Oníbàárà yín lè sọ pé wọ́n ti ṣe ìwádìí lórí ewúro. Òótọ́ ni, wọ́n ti ṣe é, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì jẹ́ lára eku. Ẹ bi í pé: ṣé èèyàn ni wọ́n fún, àbí eku? Ṣé ewé gbígbẹ inú àpò tíì bíi tirẹ̀ ni, àbí omi tí wọ́n fún jáde kúrò lára ewé, tí wọ́n sì sè títí ó fi ki? Ṣé ìwọ̀n tí wọ́n lò dọ́gba pẹ̀lú àpò kan tí èèyàn ń rẹ sínú kọ́ọ̀bù? Bí ìdáhùn kan nínú wọn bá yàtọ̀ sí ọjà rẹ̀, ìwádìí yẹn kì í ṣe ti ọjà rẹ̀.

“Ó ń fọ ẹ̀jẹ̀ mọ́” jẹ́ irú mìíràn. Èmi kò ní pè é ní irọ́ tààrà, àmọ́ kò sí bí a ṣe lè fi hàn. Bí mo bá mu páálí mẹ́ta, àyẹ̀wò wo ni ilé àyẹ̀wò máa ṣe tí wọ́n á fi sọ pé ẹ̀jẹ̀ mi ti mọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ? Kò sí i. Kíndìnrín àti ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Gbólóhùn tí a kò mọ ohun tí a máa fi wọ̀n ọ́n, ẹ yọ ọ́.

Ohun tó kù fún yín láti kọ kò kéré. Bí ó bá jẹ́ pé bó ṣe ń ṣe é nìyí, èmi á kọ ọ́ báyìí:

“Tíì ewúro tí a sá sí abẹ́ ìbòòji. Ó korò bí ewúro ṣe ń korò. Àpò 20 ló wà nínú páálí kan. Rẹ ọ̀kan sínú omi gbígbóná fún ìṣẹ́jú 5. Bí o bá ń lo oògùn èyíkéyìí lójoojúmọ́, bi apòògùn rẹ kí o tó bẹ̀rẹ̀ sí í mu ún.”

Ẹ ṣàkíyèsí pé mo kọ “oògùn èyíkéyìí”, mi ò dárúkọ àtọ̀gbẹ. Àwọn kan máa ń fi ìkìlọ̀ ṣe ọgbọ́n, wọ́n á kọ ọ́ pé “ẹ̀yin alátọ̀gbẹ, ẹ bi dókítà yín”, kí alátọ̀gbẹ lè mọ̀ pé òun ni wọ́n ń bá wí. Bákan náà ni àwòrán. Bí ẹ bá gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ṣúgà sí ẹ̀gbẹ́ páálí tíì, ẹ ti sọ ọ́ láìla ẹnu. Bí ẹ bá sì fi #atogbe sí ìsàlẹ̀, ẹ ti sọ ọ́ nìyẹn.

Ìyá Bọ́lá

Ẹ̀gbọ́n, Ọlọ́run á san yín lẹ́san. Àbúrò bàbá mi ra àgbo ìgò kan lórí fóònù lọ́dún méjì sẹ́yìn. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ẹ̀jẹ̀ ríru máa fi tán nínú ara. Ó pa oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ tì sínú dúrọ́ọ̀. Ara rẹ̀ yá gágá, kò ní ẹ̀fọ́rí, gbogbo wa ń bá a yọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kọ̀, ẹnu rẹ̀ yí sí ẹ̀gbẹ́. Ó ń rìn báyìí, ṣùgbọ́n kò lè di bọ́tìnì ẹ̀wù rẹ̀ fúnra rẹ̀. Mo padà lọ wo ojú ewé náà, wọ́n ti pa gbólóhùn yẹn rẹ́.

Ẹ̀gbọ́n Ìkẹjà

Ẹ kú ìrọ́jú, mà. “Ara rẹ̀ yá gágá” yẹn gan-an ni ewu tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ríru. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í dun èèyàn. Ẹni tó mu omi lásán fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lè wá jẹ́rìí pé ara òun le, òótọ́ ló sì ń sọ. Àfi ká wọ̀n ọ́n ká tó mọ̀.

Ọmọ Ọjà Dùgbẹ̀

Mo gba ti nọ́ńbà yẹn, mi ò mọ̀ pé L ní ìtumọ̀. Ìyá Bọ́lá, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n béèrè. Bí kì í bá ṣe èmi ni mo sọ ọ́ ńkọ́? Àwọn oníbàárà mi máa ń kọ̀wé sí mi lórí Wọ́sáàpù pé irorẹ́ àwọn ti lọ. Mo máa ń ya àwòrán ọ̀rọ̀ wọn, mo sì ń gbé e sókè. Ẹnu wọn ni, kì í ṣe ẹnu mi.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Pẹ́kàmù

Bọ̀dá Ọmọ Ọjà, ibẹ̀ ni wọ́n ti mú mi ní Lọ́ńdọ̀nù níbí. Òrí ni mo ń tà. Ìyá kan kọ ọ́ sí mi pé ara ọmọ òun tó máa ń yún, tó sì máa ń là, ti jinná látìgbà tó ti ń fi òrí mi pa á. Inú mi dùn, mo gbé e sójú ewé mi. Ẹnì kan fẹjọ́ sùn, lẹ́tà sì dé láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń rí sí ìpolówó. Wọn kò bi mí bóyá ìyá náà purọ́. Ohun tí wọ́n béèrè ni ẹ̀rí tí mo ní lọ́wọ́ kí n tó gbé e jáde pé òrí mi ń wo àìsàn awọ ara sàn. Bí òfin ìpolówó tibí ṣe rí nìyẹn: ẹ̀rí ní láti wà nínú fáìlì kí ọ̀rọ̀ tó jáde, kì í ṣe kí èèyàn máa wá a lẹ́yìn tí wọ́n bá bi í. Ìgbà tí mo sì fi ọwọ́ ara mi gbé ọ̀rọ̀ ìyá yẹn sókè, ó ti di ìpolówó mi. Mo yọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn. Ohun tó wà lójú ewé mi báyìí ni “òrí, ó ń mú kí ara rọ̀”.

Ẹ̀gbọ́n Ìkẹjà

Bó ṣe rí nílé náà nìyẹn. Lábẹ́ Òfin Ìdíje àti Ààbò Oníbàárà ti ọdún 2018, ẹni tó bá gbé ọ̀rọ̀ tó ṣini lọ́nà síwájú oníbàárà ló máa dáhùn fún un. Mi ò rò pé wọ́n máa bi yín pé ta ló kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́.

Ọ̀rọ̀ irorẹ́ tún ní ìṣòro tirẹ̀. Irorẹ́ máa ń wá, ó sì máa ń lọ fúnra rẹ̀. Ọjọ́ tó bá pọ̀ jù lójú ni èèyàn ń ra ọṣẹ, lẹ́yìn ọjọ́ tó bá sì pọ̀ jù, ó sábà máa ń dínkù. Ọṣẹ á wá gba ọpẹ́. Àwọn tí kò bá ṣiṣẹ́ fún kì í sì í kọ̀wé, wọ́n kàn máa ń lọ ra ti ẹlòmíràn.

Àṣàkẹ́, ṣé ọlọ́ṣẹ yín ní àwòrán “kó tó lò ó” àti “lẹ́yìn tó lò ó”?

Àṣàkẹ́ Alákọsílẹ̀ (Ìbàdàn)

Ó ní in, ẹ̀gbọ́n. Ọmọbìnrin kan náà ni. Ní ti àkọ́kọ́, ojú rẹ̀ ṣú, irorẹ́ sì hàn dáadáa. Ní ti èkejì, ojú rẹ̀ ń dán. Mo rò pé àwòrán kì í purọ́, torí náà òun ló kù tí mo fẹ́ gbára lé.

Ẹ̀gbọ́n Ìkẹjà

Ẹ má wo ojú ọmọ náà. Ẹ wo ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ nínú àwòrán méjèèjì, kí ẹ wá sọ àwọ̀ rẹ̀ fún mi.

Àṣàkẹ́ Alákọsílẹ̀ (Ìbàdàn)

Háà. Ògiri kan náà ni, ibi tí kọ́lẹ́ńdà so sí ni mo fi mọ̀. Nínú ti àkọ́kọ́, ó pọ́n bí ìyẹ̀fun èlùbọ́. Nínú ti èkejì, ó funfun báláú. Ọṣẹ kò kúkú wẹ ògiri.

Ẹ̀gbọ́n Ìkẹjà

Gílóòbù alẹ́ ni ti àkọ́kọ́, ìmọ́lẹ̀ fèrèsé ni ti èkejì. Ó ṣeé ṣe kí ọlọ́ṣẹ yín má tilẹ̀ mọ̀ pé ohun tí òun ń ṣe nìyẹn. Bó bá fẹ́ ya òmíràn, kó jẹ́ ibì kan náà, aago kan náà, fóònù kan náà, kó pa ohun tó ń mú ojú jọ̀lọ̀ nínú kámẹ́rà. Kí ọmọ náà sì sọ ohun mìíràn tó ń lò pọ̀ mọ́ ọn. Bó bá jẹ́ pé ó ń fi ìpara ilé ìwòsàn kún un, àwòrán yẹn kì í ṣe ẹ̀rí ọṣẹ.

Kódà bí àwòrán bá tọ̀nà, “ń pa irorẹ́ run ní ọjọ́ 7” kò gbọdọ̀ jáde. Ojú ẹnì kan kò tó fi ṣèlérí fún gbogbo ayé, ọ̀rọ̀ yẹn sì sọ ọṣẹ di oògùn. Ohun ìṣaralóge ló fi í forúkọ sílẹ̀.

Ti “kò ní kẹ́míkà” ńkọ́? Ẹ bi ọlọ́ṣẹ bó ṣe ń sè é. Eérú èèpo kòkó ló ń jò, àbí? Omi eérú yẹn ni kẹ́míkà. Òun ló ń bá àdín jà nínú ìkòkò títí àdín fi di ọṣẹ. Bí ẹnì kan bá ti ọwọ́ bọ omi eérú tó ki, á mọ̀ pé kì í ṣe omi lásán. Bó bá jẹ́ pé ohun tó ní lọ́kàn ni pé òun kò fi lọ́fínńdà tàbí àwọ̀ sí i, kó sọ bẹ́ẹ̀, ìyẹn á ṣeé wò nínú àkọsílẹ̀ ohun tó ń rà. Bó bá ní òun kò fi mákúrì sí i, èmi á dákẹ́ díẹ̀. Òfin ti ka mákúrì léèwọ̀ nínú ohun ìpara, nítorí náà ẹni tó ń fi í yangàn ń yangàn pé òun kò jalè. Láfikún, ilé àyẹ̀wò ló lè sọ ọ́, ojú kò lè rí i.

Ẹ wá nọ́ńbà rẹ̀ lórí greenbook.nafdac.gov.ng. Kí orúkọ ọjà àti orúkọ ilé iṣẹ́ tó bá jáde jẹ́ ti ọṣẹ yẹn gan-an. Mo ti rí ẹni tó gba nọ́ńbà fún ìpara, tó wá tẹ̀ ẹ́ sára ọṣẹ, epo irun àti ohun gbogbo tó ń tà. Kò rò pé ó burú, ó ní “ilé iṣẹ́ kan náà ni”. Ọjà kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Bó bá sì jẹ́ tirẹ̀, nọ́ńbà nìkan ni kí ẹ kọ. “NAFDAC fọwọ́ sí i” ń jẹ́ kí èèyàn rò pé ìjọba jẹ́rìí sí ọ̀rọ̀ irorẹ́.

Ọmọ Aláàgbo (Abẹ́òkúta)

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti ìbẹ̀rẹ̀, mo sì fẹ́ sọ tèmi tìbọ̀wọ̀tìbọ̀wọ̀. Ìyá mi àgbà ta àgbo, ìyá mi ń tà á, èmi náà ń tà á. Àgbo ibà ni orúkọ rẹ̀. Àgbo jẹ̀dí ni orúkọ rẹ̀. Kì í ṣe èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ. Bí mo bá kọ “omi ewé àti egbò igi” sábẹ́ àwòrán, ta ló máa mọ ohun tí mò ń tà? Ẹ ní kí n mú ìwádìí wá, ta ló máa náwó ìwádìí fún obìnrin tó ń gbé igbá lórí? Ìmọ̀ tí àwọn bàbá wa fi ọwọ́ ara wọn dán wò, ṣé kì í ṣe ẹ̀rí rárá ni?

Ẹ̀gbọ́n Ìkẹjà

Ìbéèrè tó wúwo nìyí, mi ò sì ní fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Lílò tó ti pẹ́ jẹ́ ẹ̀rí irú kan. Òun náà wà lára ohun tí wọ́n ń gbé yẹ̀wò nígbà tí wọ́n bá ń kọ ọjà ìbílẹ̀ sínú ìwé. Ó ń sọ pé àwọn èèyàn ti ń mu ún, kò sì pa wọ́n. Kò lè sọ fún wa iye tó sàn nítorí rẹ̀ àti iye tí ì bá sàn láìmu ún. Èmi á kọ “àgbo tí wọ́n máa ń sè nígbà ibà nílẹ̀ Ẹ̀gbá”, torí ìtàn nìyẹn, òótọ́ sì ni. Mi ò ní kọ “ó ń wo ibà sàn”.

Ọmọ Aláàgbo (Abẹ́òkúta)

Ẹni tí ibà ń ṣe máa ka méjèèjì bákan náà, ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀yin lẹ sọ pé ohun tí òǹkàwé gbọ́ ni a sọ.

Ẹ̀gbọ́n Ìkẹjà

Ẹ mú mi níbẹ̀. Mi ò ní ìdáhùn tó kún fún un. Ohun tí mo mọ̀ ni pé tí ibà ọmọdé bá kọjá ọjọ́ kan láìṣe àyẹ̀wò, ó lè di ọ̀ràn. Bó bá jẹ́ ọjà mi ni, èmi á kọ ìyẹn síbẹ̀ gàdàgbà.

Akápò Òṣogbo

Gbogbo yín ti gbàgbé ayánilówó. Ọdún mọ́kànlá rèé tí mo ti wà ní báńkì àwọn oníṣòwò kéékèèké, ẹ jẹ́ kí n bá Àṣàkẹ́ wo tirẹ̀.

Àǹtí, ẹ bi í pé: 5% lóṣù àbí lọ́dún? Lórí owó tí mo yá, àbí lórí èyí tó kù tí mi ò tíì san? Ṣé owó mìíràn wà tí ẹ ń yọ kí n tó gba tèmi?

Àṣàkẹ́ Alákọsílẹ̀ (Ìbàdàn)

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pè é tán. Lóṣù ni. Lórí gbogbo owó tí a yá ni, títí èèyàn á fi san tán. Ó sì ń yọ 2% fún ìwé.

Akápò Òṣogbo

Ẹ jẹ́ ká fi ₦100,000 fún oṣù mẹ́ta wò ó. Ó máa yọ ₦2,000 fún ìwé, nítorí náà ₦98,000 ló máa bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó yá a. Èlé ₦5,000 lóṣù, lẹ́ẹ̀mẹta, ₦15,000. Ó máa san ₦115,000 padà, ìyẹn bíi ₦38,333 lóṣooṣù. Ẹni tó ka “5% péré” rò pé ₦105,000 ni òun máa san. Ìyàtọ̀ ₦10,000 ti wà láàárín ohun tó rò àti ohun tó máa san, láìka ₦2,000 tí wọ́n ti yọ. Ẹ sì wò ó pé ní oṣù kẹta, kò jẹ ju ìdá mẹ́ta owó náà lọ mọ́, síbẹ̀ èlé odindi ₦100,000 ló ṣì ń san.

Kò sí irọ́ kankan nínú “5%”. Ohun tí wọ́n yọ sílẹ̀ ló sọ ọ́ di irọ́. Ẹ kọ ọ́ báyìí: “Bí o bá yá ₦100,000 fún oṣù 3, ₦98,000 lo máa gbà, ₦115,000 lo máa san.” Kí ẹ yọ “péré”. Ẹni tó ń san án ló yẹ kó sọ bóyá ó kéré.

Àṣàkẹ́ Alákọsílẹ̀ (Ìbàdàn)

Ẹ ṣé gan-an, sà. Ó tún ní kí n múra sílẹ̀ fún èyí lóṣù tó ń bọ̀: “Fi owó rẹ sọ́dọ̀ wa, gba èrè 30% lóṣù, owó rẹ kò lè sọnù.”

Akápò Òṣogbo

Àǹtí, ẹ má kọ ìyẹn. Ẹ má tún un kọ, ẹ má gé e kúrú, ẹ kàn má kọ ọ́ rárá.

30% lóṣù ni MMM ṣèlérí fún àwọn èèyàn nílẹ̀ yìí, oṣù Kejìlá ọdún 2016 ni wọ́n ti ìlẹ̀kùn pa mọ́ owó wọn. Ẹ ṣírò rẹ̀: bí ₦100,000 bá ń fi 30% lé ara rẹ̀ lóṣooṣù, tí a kò yọ nǹkan kan, ó máa di mílíọ̀nù méjì àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọ̀ọ́dúnrún náírà ó lé ní ọdún kan. Òwò wo ló ń ṣe bẹ́ẹ̀? Ayánilówó tó ń gba 5% lóṣù, níbo ló ti máa rí 30% san? Inú ìwé tirẹ̀ náà ni ìdáhùn wà.

Ẹni tó bá fẹ́ gba owó ìdókòwò lọ́wọ́ aráàlú gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ SEC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ìdókòwò. Òfin ìdókòwò tuntun tó jáde lọ́dún 2025 sì dárúkọ irú òwò owó-ẹlẹ́yìn-ni-a-fi-ń-san-tẹni-iwájú yìí, ẹ̀wọ̀n wà níbẹ̀. “Owó rẹ kò lè sọnù” kò ṣeé sọ fún ìdókòwò kankan. Kódà ní báńkì tèmi, owó ìfowópamọ́ tí NDIC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo owó inú báńkì, máa san bí a bá wó lulẹ̀ kò kọjá mílíọ̀nù ₦2 fún ẹnì kan, ìyẹn ni mo sì máa ń sọ fún oníbàárà. Wọn kì í bo ìdókòwò rárá.

Ọmọ Ọjà Dùgbẹ̀

Mo ti ń yọ àwọn àwòrán Wọ́sáàpù yẹn láti ìrọ̀lẹ́. Ó lé ní 40. Ṣé kí n kàn pa wọ́n rẹ́ ni?

Ẹ̀gbọ́n Ìkẹjà

Ẹ yọ wọ́n kúrò lójú ewé, àmọ́ ẹ fi ẹ̀dà kan pamọ́ pẹ̀lú ọjọ́ tí ẹ gbé e jáde àti ọjọ́ tí ẹ yọ ọ́. Bí ẹnì kan bá béèrè lọ́jọ́ iwájú, ẹ máa lè sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Èyí tó bá ní “ó ń hó dáadáa, òórùn rẹ̀ dára” lè dúró.

Àṣàkẹ́ Alákọsílẹ̀ (Ìbàdàn)

Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí n jábọ̀. Ọlọ́ṣẹ gbà. Nọ́ńbà rẹ̀ jáde, ti ọṣẹ náà sì ni. Ohun tí a gbé jáde nìyí: “Ọṣẹ dúdú tí a fi àdín, òrí àti eérú èèpo kòkó sè. Ó ń wẹ òróró àti ìdọ̀tí kúrò lára. A kò fi lọ́fínńdà sí i. Kọ́kọ́ fi wẹ apá kan fún ọjọ́ méjì kí o tó fi wẹ ojú.” Ayánilówó gba ti ẹ̀yáwó, ó bínú sí mi lórí ti 30%, kò tíì pè mí padà. Onítíì gba iṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ mi. Mo rí i lánàá pé ẹlòmíràn ti kọ ọ́ fún un, gbólóhùn àtọ̀gbẹ wà níbẹ̀ gbàgede. Mo kọ̀wé sí i níkọ̀kọ̀, mo fi ohun tó wà lára páálí rẹ̀ hàn án. Ó ti kà á. Kò dáhùn.

Bàbá Tọ́pẹ́

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo mú ìyá lọ sọ́dọ̀ apòògùn bí ẹ̀gbọ́n ṣe wí. Ó bi wọ́n pé kí ló sú wọn nínú oògùn náà, wọ́n ní inú ló máa ń ru wọ́n láràárọ̀ títí di ọ̀sán. Àṣé kí wọ́n tó jẹun ni wọ́n ń lò ó, torí wọ́n fẹ́ tètè lò ó kí wọ́n má bàa gbàgbé. Ó ní kí wọ́n máa lò ó pẹ̀lú oúnjẹ. Àárọ̀ òní ni ẹ̀ẹ̀kẹta, wọ́n jẹ mọ́ínmọ́ín, wọ́n lò ó, inú kò ru.